Ìró Mẹ́wàá Màdáámù Dorsaf

Nígbà tí Sondes dé iwájú yàrá ẹ̀kọ́, wọ́n ti lẹ èsì ìdánwò àti ìdáhùn rẹ̀ mọ́ ògiri, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ṣù bò ó débi pé kò sí àyè tí èèyàn lè ti yọjú. Wọ́n ń fi ìka wá orúkọ wọn, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. Sondes kì í bá ẹnikẹ́ni du ọ̀nà. Ó dúró sẹ́yìn, ó gbá ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń retí kí èrò dín kù.

Ìdánwò kékeré ni o, kí n má parọ́. Ewé ìwé kan ṣoṣo. Màdáámù Dorsaf, tó ń kọ́ wọn nípa ìró ọ̀rọ̀, kọ ìró mẹ́wàá nínú èdè Lárúbáwá sílẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ètè ni, ṣé eyín ni, ṣé erìgì ni, ṣé òkè ẹnu ni, àbí ó ti wọ ọ̀fun lọ. Ṣùgbọ́n òun ni ìdánwò tó kẹ́yìn nínú ọdún. Bí Sondes bá gba mẹ́jọ nínú rẹ̀, wọn yóò mú un sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọdé ṣe. Bí kò bá gbà á, kó lọ máa kọ́ gírámà. Ẹ̀ka yẹn nìkan ló torí ẹ̀ kúrò lábúlé wọn lọ́nà Agareb wá sí ìlú ńlá Sfax, ẹ̀ka yẹn nìkan ló sì ń gbàdúrà lé lórí.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ṣá. Kò sí ìdánwò tó tíì rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Èrò dín kù, ó súnmọ́ ògiri. Ó rí orúkọ rẹ̀. Ó rí iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tún un wò, bóyá ti ẹlòmíràn ló ń wò. Mẹ́fà ni.

"Sondes, mélòó lo gbà?" Emna nìyẹn, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà ní ilé akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ Sfax tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó na ọrùn, ó wò ó. "Mẹ́fà? Ìwọ? Ìwọ tí o kì í kúrò nídìí ìwé? Ẹ gbà mí o! Èmi tí mo há a sórí nínú ọkọ̀ gba mẹ́sàn-án!"

 Ìdáhùn tí wọ́n lẹ sábẹ́ èsì ni Sondes ń kà. Ìdáhùn náà kò gùn. B, ètè méjèèjì. F, ètè ìsàlẹ̀ pẹ̀lú eyín òkè. Th, orí ahọ́n láàárín eyín. T, erìgì. S, erìgì. Sh, ẹ̀yìn erìgì díẹ̀. K, àfàsé, ìyẹn ibi tí òkè ẹnu ti rọ̀ lẹ́yìn. Q, ó tún jìn sẹ́yìn ju ìyẹn lọ. H ńlá, tó ń ha jáde bí ìgbà tí èèyàn bá fi èémí gbígbóná nu dígí, káà ọ̀fun. Hamza, tó dà bí kí èèyàn dá èémí dúró lójijì, tán-án-ná, nísàlẹ̀ ọ̀fun pátápátá.

Ní ti Sondes, ó ti kọ káà ọ̀fun sí iwájú s àti sh. Ó ti kọ tán-án-ná sí iwájú k àti q. Mẹ́rin yẹn ni Màdáámù Dorsaf fi bírò pupa fà lára rẹ̀.

Àbí ta ló fẹ́ kó tan ẹnu ara rẹ̀ jẹ? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni Màdáámù Dorsaf ti ń pariwo mọ́ wọn létí pé: "Mi ò fẹ́ kí ẹ há nǹkan kan sórí o! Ẹ sọ ìró náà, kí ẹ dúró, kí ẹ wádìí ibi tí ahọ́n yín wà. Ẹnu yín ni kí ẹ bi." Òkè ìwé ìdánwò náà gan-an, ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: *Pe ìró kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, kí o sì kọ ibi tí ẹnu rẹ ti ń pè é.* Gbogbo kíláàsì ló kà á, wọ́n sì kọ ohun tó wà nínú ìwé. Sondes nìkan ló ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó pe s sábẹ́ èémí. Ahọ́n rẹ̀ sùn sílẹ̀, kò mira. Ọ̀fun ló há. Ó kọ káà ọ̀fun. Ó pe k. Nísàlẹ̀ ọ̀fun ni èémí ti dúró. Ó kọ tán-án-ná. Inú rẹ̀ dùn pé ìbéèrè náà rọrùn.

Àṣé irọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń pa láti ọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ó tó pẹ́. Nígbà tí wọ́n bí Sondes, òkè ẹnu rẹ̀ là sí méjì. Ètè rẹ̀ dán mọ́rán, ènìyàn kò lè mọ̀ láti ìta. Wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní Sfax, wọ́n rán an, ó jinná. Dókítà ní kí wọ́n gbé e padà wá kí ẹnìkan máa kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ìkórè ólífì dé, ọ̀nà jìn, ọmọ sì ń jẹun dáadáa. Wọ́n ní ó ti parí. Bó ṣe di pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà tí yóò máa gbà sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tí òkè ẹnu kò tíì dí, èémí tí s àti k nílò ń gba imú jáde, ọmọ náà wá lọ ń dí i nísàlẹ̀, nínú ọ̀fun, níbi tí kò ti lè sá lọ. Wọ́n rán òkè ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀fun kò mọ̀ pé wọ́n ti rán an. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún un. Wọ́n kàn ń sọ pé, "Sondes, gbé ohùn sókè." Wọ́n ń sọ pé, "Kí lo wí?" Nígbà tó yá, ó yáa gbé ẹnu dákẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n ní ojú ló ń tì í.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Emna ra búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹja tuna àti ata lílọ̀ harísà sí nínú, ó pín in sí méjì. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Jẹun, jàre," ó ní. "Ọ̀la wọ́n máa fi ìwé hàn wá. Lọ sọ fún Màdáámù pé o kò gbà."

Sondes mi orí. Ó tọ́ka sí ẹnu ara rẹ̀.

"Ẹnu ńkọ́? O ń bá èmi sọ̀rọ̀ náà. Mo gbọ́ ọ."

"Ìwọ ti mọ́ mi lára," Sondes wí. Ohùn rẹ̀ ń ha láti ìsàlẹ̀. "Gbogbo kíláàsì ló máa wà níbẹ̀. Wajih tó máa ń fi èèyàn ṣe ẹlẹ́yà máa wà níbẹ̀."

"Wajih! Ta ni Wajih? Ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì ń gé èékánná fún! Kí ni ìdí tó o fi wá kọ tán-án-ná sí k, bó o ṣe sọ fún mi? Ìyẹn ni mi ò lóye."

"Torí ibẹ̀ ló wà."

"Kò sí níbẹ̀ o. Wò ó. K. K. Ẹ̀yìn ahọ́n mi ló gòkè lọ kan òkè."

Sondes wo ẹnu Emna. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, búrẹ́dì ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú fóònù, ó ṣí àwòrán ìdáhùn ìdánwò tó yà lára ògiri. Ó ń kà á léraléra. T, erìgì. S, erìgì. Ibì kan náà.

Ó pe t. Orí ahọ́n rẹ̀ lọ kan erìgì, lẹ́yìn eyín òkè, ó sì já, ó dún kedere. T kò ní wàhálà kankan. Ó pe s. Ahọ́n sùn, ọ̀fun há. Ó tún pe t. Ó tún pe s.

"Kí lò ń ṣe?" Emna bi í.

"Wọ́n ní ibì kan náà ni," Sondes wí, ìdààmú sì hàn lójú rẹ̀. "Emna, mo mọ ibẹ̀. Mo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ fún t. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé ibẹ̀ náà ni s wà."

  Emna jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó ń wo ẹnu Sondes.

Ní ọjọ́ kejì, Màdáámù Dorsaf pín ìwé fún wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà. Olúkúlùkù yóò wo tirẹ̀, ẹni tó bá ní ẹjọ́ yóò na ọwọ́, yóò rojọ́ lójú gbogbo ayé. Obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun ni Màdáámù náà, ó máa ń so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́.

"Ẹni tó bá wá bẹ̀bẹ̀ fún máàkì, kó jókòó," ó ní. "Ẹni tó bá ní ìdí, kó sọ ọ́."

Àwọn kan sọ tiwọn, ó dá wọn lóhùn, wọ́n jókòó. Emna fi ìgbọ̀nwọ́ gún Sondes. Ó tún gún un. Nígbà tó rí i pé kò mira, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sókè bí ẹni gbé àsíá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sondes?" Màdáámù Dorsaf wí. Ojú rẹ̀ là sí i, torí kò tíì rí ọwọ́ yẹn lókè rí.

Sondes dìde.  Ó sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ tán: pé ìdánwò ní kí wọ́n kọ ibi tí ẹnu wọn ti ń pè é, pé ó pè é, pé ohun tó kọ ni ohun tó rí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó ń rò kún fún s, ó kún fún k, ó sì kún fún q, gbogbo rẹ̀ sì ń jáde láti ọ̀fun, gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ.

Láti ẹ̀yìn, Wajih ní: "Fíìmù àwọn ará Cairo ló ti wò jù! Àwọn nìkan ni wọ́n ń gbé q mì bẹ́ẹ̀!"

Ẹ̀rín bú. Ojú Sondes gbóná. Ó fẹ́ jókòó.

"Má jókòó," Màdáámù Dorsaf wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó wá yíjú sí ẹ̀yìn. "Wajih, mẹ́rin lo gbà nínú mẹ́wàá. O kọ eyín sí iwájú b. Ètè rẹ dà? Ṣé o gbàgbé rẹ̀ sílé ni?"

Ẹ̀rín kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màdáámù kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé awò ojú wọ̀, ó ti mú ìwé Sondes, ó ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ìdáhùn mẹ́rin tó fà lára rẹ̀ kì í ṣe ìdáhùn ẹni tó ń méfò. S àti sh wà pẹ̀lú h ńlá. K àti q wà pẹ̀lú hamza. Wọ́n tò.

"Pe t fún mi, ọmọ mi," ó ní.

Sondes pè é.

"Pe s."

Sondes pè é. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Màdáámù Dorsaf bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Òkè ẹnu rẹ," ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni pé àwọn méjì nìkan ló wà níbẹ̀, "ṣé wọ́n rán an nígbà tó o wà lọ́mọdé?"

Sondes mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Omi ti dé ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé ilé ẹ̀kọ́ yìí, kò sí ẹni tó tíì bi í.

"Wá sí yàrá ìwádìí lówùúrọ̀ ọ̀la. Mú ọ̀rẹ́ rẹ aláròyé yẹn wá. Mo ń bọ̀ wá fi ẹ̀rí wò ó, n kò ní fi ẹnu lásán pín máàkì."

Ohun tí wọ́n fi ń wá ẹ̀rí nínú iṣẹ́ yẹn kò le. Èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn fún ẹni tí inú ń run, wọn á pò ó mọ́ òróró ólífì títí tí yóò fi ki. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sórí ahọ́n. Èèyàn á pe ìró kan ṣoṣo, á la ẹnu, wọ́n á ti dígí kékeré bọ ibẹ̀. Ibi tí ahọ́n bá kàn lókè ẹnu ni yóò dúdú.

Emna wo ohun dúdú inú ife. "Màdáámù, òróró ta ni èyí?"

"Ti ilé ìtajà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Bàbá Sondes ní igi ólífì lọ bẹẹrẹ, ẹ wá ń fi ti ilé ìtajà kùn wá lẹ́nu!"

"Yọ ahọ́n síta," Màdáámù wí.

Ó kùn ún. Emna pe *asa*, ìyẹn s láàárín a méjì, ó la ẹnu gbàgà. Màdáámù ti dígí bọ̀ ọ́, ó ní kí Sondes wá wò ó. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òkè ẹnu Emna ti dúdú dé erìgì, àárín nìkan ló mọ́, tóóró, bí ojú ọ̀nà tí èémí gbà kọjá.

"Ibi tí s wà nìyẹn," Màdáámù wí. "Ìwọ ló kàn."

Sondes yọ ahọ́n. Òróró tutù, èédú kò dùn kò korò. Lákọ̀ọ́kọ́, ó pe *ata*. Dígí wọlé. Erìgì rẹ̀ dúdú yípo, ó yọ gẹ́gẹ́ bí bàtà ẹṣin. Màdáámù ní kó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹnu, ó tún ahọ́n kùn. Ó pe *asa*. Dígí wọlé.

Òkè ẹnu rẹ̀ mọ́ kedere. Kò sí ipa èédú kankan níbẹ̀, àfi ojú ọgbẹ́ tí wọ́n rán, tó gba àárín kọjá ní funfun.

Sondes fi ojú ara rẹ̀ wò ó nínú dígí. Ó wò ó títí ọwọ́ Màdáámù fi rẹ̀.

"Òótọ́ lo kọ," Màdáámù Dorsaf wí, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. "Mo bi ọ́ nípa ẹnu rẹ, o sọ ti ẹnu rẹ fún mi. Nínú gbogbo kíláàsì, ìwọ nìkan lo ṣe ìdánwò mi. Àwọn tó kù ṣe ìdánwò ìwé. Èmi tí mo kọ ìdáhùn sílẹ̀, mo rò pé ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo wa ní. Má bínú sí mi."

"Rárá, Màdáámù," Sondes wí kíákíá. "Èmi ò bínú. Ìdáhùn yẹn... ó ní t àti s, ibì kan náà ni. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ṣé mo lè dé ibẹ̀?"

Màdáámù wo Emna, ó tún wo Sondes. "Èmi kì í ṣe dókítà o. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa mú ọ lọ lọ́jọ́bọ̀, òun ló máa yẹ òkè ẹnu yẹn wò dáadáa. Ṣùgbọ́n t rẹ dún kedere. Ẹni tí t rẹ̀ dún báyẹn, èémí rẹ̀ ń dúró lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú. Fi ìka pa imú rẹ dé."

Sondes pa imú dé.

"Pe t. Ọ̀pọ̀lọpọ̀. T, t, t. Dáadáa. Ó tún kù: nígbà tó bá máa já, má jẹ́ kó já tán. Fi ahọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, kó rọra yọ díẹ̀ báyìí, kó jẹ́ kí èémí máa yọ́ jáde. Má ronú s. Mi ò sọ pé kó o pe s o. T ni mo ní kó o pè."

T, t, t. Ọ̀fun Sondes há, ó tú u sílẹ̀. T, t. Ahọ́n ń já kúrò kíákíá bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Emna ti gbàgbé láti pa ẹnu dé, ètè rẹ̀ dúdú, ó ń bá a pè é láìdún. T. T. Tss.



"Tún un ṣe," Màdáámù wí.

"Tss." Afẹ́fẹ́ tutù kan fẹ́ kọjá lórí ahọ́n rẹ̀, ó kan ẹ̀yìn eyín rẹ̀. Kò tíì mọ̀ ọ́n rí. Ó ti pé ogún ọdún láyé, kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lè tutù níbẹ̀. "Tsss. Tssss. Sss."

"Yéèè!" Emna fò sókè, ó fi ẹ̀yìn gbá àga, ife èédú dà sórí tábìlì. "Ó jáde! Ẹ gbọ́ ọ! Ó jáde!"

Sondes kò fò. Ó ń pè é lọ, ó tú imú rẹ̀ sílẹ̀, ó tún ń pè é, omijé ń ṣàn bá a lẹ́rẹ̀kẹ́ wọ inú èédú tó wà létè rẹ̀. Nígbà tó yá, Màdáámù ní kó fa ahọ́n sẹ́yìn díẹ̀, kó sì ká ètè jọ, bí ìdáhùn ṣe wí. Sh jáde tẹ̀lé s, bí àbúrò tó ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ó máa sá padà o," Màdáámù kìlọ̀. "Bó o bá jáde síta tó o sì ń yára sọ̀rọ̀, inú ọ̀fun ló máa sá padà sí. Ó máa gbà ọ́ ní oṣù púpọ̀. Kí ó má bà ọ́ nínú jẹ́." Ó wá fa ìwé ìdánwò yọ, ó ṣí bírò. Ó wá dúró. "Ọ̀rọ̀ kan rèé. Bí mo bá tún bi ọ́ ní ìbéèrè náà ní ìsinsìnyí, ibo lo máa kọ sí iwájú s?"

Sondes fi ahọ́n wá a. "Erìgì."

"Ìyẹn ni pé ohun tó o kọ lọ́jọ́sí kì í ṣe òótọ́ mọ́."

"Òótọ́ ni lọ́jọ́ yẹn, Màdáámù." Ó rọra sọ ọ́, ó ń yan ọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máàkì rẹ̀ fún ọjọ́ yẹn. Mi ò tún ní lè kọ irú rẹ̀ mọ́."

Màdáámù Dorsaf fi bírò pa àmì pupa mẹ́rin yẹn rẹ́, ó kọ mẹ́wàá sókè, ó fọwọ́ sí i. Ó yí ìdáhùn tirẹ̀ náà sókè, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kí ẹni tó bá ń máàkì gbọ́ ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ kó tó fà á.  Ó na ìwé sí Sondes.

Sondes gbà á. Ó fẹ́ dúpẹ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ní ibẹ̀: *yaáyshek*, kí Ọlọ́run jẹ́ kí o pẹ́ láyé. Ọ̀rọ̀ kan ni, ó sì kó sh àti k pọ̀ sínú ara rẹ̀. Nítorí náà ni Sondes kì í fi í sọ ọ́. Ọwọ́ ló máa ń fi lé àyà, á tẹrí ba, àwọn èèyàn á ní ọmọ tó mọ̀wàhù ni. Ó gbé ọwọ́ lọ sí àyà lọ́tẹ̀ yìí náà. Ó wá gbé e sọ̀kalẹ̀.

"Yaáy," ó ní, ó dúró, ó fa ahọ́n sẹ́yìn, ó ká ètè jọ, "sh..."

Sh jáde níbi tó yẹ kó ti jáde, ó mọ́ gaara. K tó kẹ́yìn ṣubú sínú ọ̀fun, ó dá dúró síbẹ̀.

Màdáámù Dorsaf di ọwọ́ rẹ̀ mú. 

"Mo ti gba ìdajì," ó wí. "Ìyókù, mo máa wá gbà á lọ́wọ́ rẹ."